Ìṣọ́ Òru Tí Kò Ṣọ́ Ìlú

Ní òru Sátidé mọ́jú ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 6 oṣù Òkúdu ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ìlú Ìgàngán ní Ìbàràpá. Wọ́n pa ènìyàn 11, ó kéré tán, wọ́n dáná sun ilé àti ọjà, wọn kò sì dá ààfin ọba ìlú náà sí. Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn kò jìnnà síra wọn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni bú ará Ìsẹ́yìn tí ara rẹ̀ bù máṣọ nígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé etí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti jáde láti inú ìbẹ̀rù náà tí ó yẹ kí a fi ẹnu ṣáátá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fi ojú kan oorun mọ́ kí wọ́n tó tú inú Wasáàpù, Fesibúùkù àti Tíkitọ́ọ̀kì yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Wọ́n á wo fídíò àwọn ajínigbé, wọ́n á gbọ́ ohùn ẹni tí a kò mọ̀ tó ń kìlọ̀ nípa ọ̀nà tí a kò dárúkọ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bí ìyàwó ilé bá ní kí baálé pa fóònù, èsì rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí kò bá gbọ́ ìròyìn ni ibi ń bá lójijì. Wọ́n ka ara wọn sí olùṣọ́. Irọ́ ni. Wọn kò ṣọ́ ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí a fi òru Ìgàngán wọn ọ̀rọ̀ náà. Kí ni ará Ìsẹ́yìn lè ṣe nígbà tí ó gbọ́? Ó lè pe ẹbí rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ó lè dá ìrìn-àjò tó fẹ́ gba ìhà ibẹ̀ dúró. Ó lè sọ fún olórí àdúgbò tàbí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn bí òun bá fojú ara òun rí nǹkan. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 yìí, wákàtí mẹ́ta tí ó fi ń wo àwòrán òkú kò fi ẹ̀ṣọ́ kan kún ẹ̀ṣọ́ ìlú. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru pàápàá mọ èyí: wọ́n ń gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara wọn ni, bí àwọn kan bá ń rìn, àwọn yòókù á sùn. Bí gbogbo ìlú bá jí mọ́jú, ta ni yóò ṣiṣẹ́ bí ojúmọ́ bá mọ́?

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti wo ohun tí irú àìsùn yìí ń ṣe sí ènìyàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Igbe ọdún 2013, àdó olóró bú níbi ìdíje eré sísá ní ìlú Bọ́sítìnì ní Amẹ́ríkà. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Họ́ọ̀mánì, Gáfínì àti Sílífà, fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn tó lé ní 4,600 ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Èsì wọn ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Àwọn tí wọ́n fi wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ wo ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sọ pé ìpayà àwọn le ju ti àwọn tó wà níbi tí àdó náà ti bú gan-an. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí àyà rẹ̀ ti ń já tẹ́lẹ̀ máa wá irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kiri ju ẹlòmíràn lọ. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ṣe kedere: ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ lálàáfíà lè gbé ẹrù tí ó wúwo ju ti ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀.

Kì í ṣe àìlera ọkàn nìkan ló fà á. Wọ́n ṣe nǹkan náà kí ó má lópin ni. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ọjọ́ mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá ló ń jáde, ó sì ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ìròyìn rédíò náà ní ìgbà tí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ á kí wa pé ó dìgbóṣe. Fóònù kò ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aza Raskin ló hùmọ̀ ọgbọ́n yìí ní ọdún 2006: bí ìka bá ti ń fa ojú fóònù sókè, nǹkan tuntun á máa yọ láti ìsàlẹ̀ láìdúró. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Àwọn olùwádìí mìíràn sì fi hàn ní ọdún 2023 pé bí ọ̀rọ̀ burúkú bá ṣe pọ̀ tó nínú àkọlé ìròyìn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ń jẹun lórí iye ìgbà tí a bá tẹ nǹkan ti mọ irú oúnjẹ tí yóò máa gbé ka iwájú wa.

Ìpalára náà kì í dúró lára ẹnìkan. Ní oṣù Ògún ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ẹ̀bólà ti wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù lọ láti ìlú dé ìlú pé kí oníkálukú fi omi oníyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jí ọmọ wọn lóru kí wọ́n lè ṣe é. Àjọ ìlera àgbáyé ní láti kìlọ̀ fún ayé pé omi iyọ̀ kò wo Ẹ̀bólà. Kí ìkìlọ̀ náà tó délé dóko, ìròyìn ti jáde láti Jọ́ọ̀sì pé iyọ̀ àmujù ti pa ènìyàn méjì. Ìfẹ́ ni wọ́n fi fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tí ẹ̀rù ti gba ọkàn rẹ̀ lóru kì í béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn kan ní kí a sọ fóònù nù. Ìmọ̀ràn asán ni, nítorí orí fóònù kan náà ni oníbàárà ti ń ránṣẹ́ owó, tí ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ti ń pe ìyá rẹ̀. Ìfòfindè kì í pẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ti Tuítà pa ní oṣù Òkúdu ọdún 2021, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n kọlu Ìgàngán. Àwọn èwe wá ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé kíákíá, nígbà tó sì di ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ ṣí i padà. Ẹ̀jẹ́ tí ẹnìkan bá fi ìbínú jẹ́ ní òwúrọ̀ kò lágbára ju òfin ìjọba lọ. Ààlà tó ń pẹ́ ni èyí tí a kò ní láti máa bá ara wa jà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ká mú ahunṣọ òkè kan ní Ìsẹ́yìn fún àpẹẹrẹ. Ó jókòó sí òfì ní òwúrọ̀, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Wasáàpù 14, èyí tí ẹlòmíràn fà á wọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí fóònù bá ti dún, yóò dá ọ̀kọ̀ dúró. Ìṣẹ́jú kan ni yóò fi ka ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò níí tètè padà sórí iye òwú tó ń kà. Àṣìṣe á wọ inú iṣẹ́, a ó tú u, a ó tún un hun.

Kí ó kọ́kọ́ ti ẹnu ọ̀nà. Nínú Wasáàpù, kí ó lọ sí `Settings`, `Privacy`, `Groups`, kí ó sì yan `My contacts`, kí ẹni tí kò mọ̀ má lè fà á wọ ẹgbẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó yan ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀, ti ẹbí àti ti iṣẹ́. Àwọn 12 yòókù, kí ó tẹ `Mute notifications`, kí ó yan `Always`, kí ó sì fi wọ́n sí `Archive`. Kò bínú kúrò nínú ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó máa bi í léèrè. Ariwo nìkan ló dáwọ́ dúró.

Ohun kejì ni àkókò. Kí ó gbọ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán àti kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù, ìṣẹ́jú 20 nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ ti rédíò, nítorí ó lópin. Ohun kẹta ni ibi tí fóònù ń sùn: kí ó wà ní yàrá mìíràn, kí ohùn ìpè rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Níbí ni àwíjàre àwọn olùṣọ́ òru ti wó. Bí ewu gidi bá dé, ènìyàn á pe ẹbí rẹ̀. Kì í fi fídíò ránṣẹ́ sí i. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdíróìdì, `Do Not Disturb` máa ń jẹ́ kí ìpè ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú 15 wọlé, bí a bá ti fàyè gba `Repeat callers`. Ọ̀rọ̀ kòṣeémánìí á jí i. Òfófó kò níí jí i.

Ọjọ́ tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ ni ààlà wọ̀nyí máa ń wó, kí ó sì ti múra sílẹ̀ fún un. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó yẹ ìròyìn wò lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sì padà sí òfin àtijọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ó bá rí i pé ọwọ́ òun ti mú fóònù láìsí ẹni tó pè, tàbí pé òun ń wo fídíò kan náà lẹ́ẹ̀kejì, kí ó mọ̀ pé ìròyìn ti tán, ìbẹ̀rù ló kù. Bí ọ̀rọ̀ tó dé bá sì ní ọfà méjì lórí, àmì pé ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá nìyẹn. Bí kò bá sọ ibi, ọjọ́ àti ẹni tó rí i, kí ó kú sọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀dájú ni ẹni tó ń sùn nígbà tí ọmọnìkejì rẹ̀ ń sunkún. Àwọn àgbà ti fèsì: bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tó fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ẹni tí ilé rẹ̀ jóná, tó dá owó fún àwọn ọdẹ àdúgbò, tó béèrè lọ́wọ́ aṣòfin rẹ̀ ohun tí wọ́n fi owó ààbò ṣe, ló káàánú. Ẹni tó wo iná Ìgàngán nígbà 40 kò tíì bu ife omi kan lé e.