Iṣẹ́ Kan Kò Tó Mẹkáníìkì Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ yín pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín jà díẹ̀. Òwe yẹn dára fún ọdẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù yín, òṣì ló ń kó bá ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ wò ó. Láti ọdún 1996, gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló ní ojú kan náà tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ sikánà bọ̀. Irú wọn ló kún títì wa ní tòkunbọ̀. Ká ní iná ẹ́ńjìnnì tàn nínú ọ̀kan, sikánà sì kọ P0171. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ ju epo lọ. Ẹni tó mọ sikánà nìkan á ní kí oníbàárà lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun sí ojú ọ̀nà èéfín. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún ń sọ! Ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì nìkan á tú nọ́súlù, á fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, iná á tún tàn.

Ẹni tó mọ méjèèjì kò ní tíì tú nǹkan kan. Á wo iye epo tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi kún un nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù. Á tún wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yípo 2500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí àfikún náà bá tó 20 nínú 100 lákọ̀ọ́kọ́, tó wá já wálẹ̀ nígbà tó tẹ tọ́tù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ róbà kan ló ya tí afẹ́fẹ́ ń jí wọlé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí púpọ̀, afẹ́fẹ́ olè yẹn kò já mọ́ nǹkan mọ́. Àmọ́ bí àfikún bá ń ga sí i, kó lọ yẹ pọ́ǹpù epo wò, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, bóyá ó dọ̀tí.

Ibẹ̀ lowó wà. Mẹkáníìkì tó jù ú lọ pọ̀ ládùúgbò. Àwọn tó mọ sikánà jù ú lọ náà wà. Àwọn tó mọ méjèèjì pọ̀ ni kò pọ̀. Oníbàárà kò ní máa rìn láti ọ̀dọ̀ réwáyà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì bíi bọ́ọ̀lù. Wákàtí kan ló fi parí ohun tí ẹni méjì ì bá fi ọjọ́ méjì fà, ó sì lè gba owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, bí róbà tó yà tilẹ̀ pọ́ọ́kú.

Ẹnì kan á ní, “Ṣé kí n kọ́ iṣẹ́ bábà mọ́ ọn ni?” Rárá o! Ẹni tó wá gẹrun kò gbé ẹ́ńjìnnì wá. Iṣẹ́ kejì gbọ́dọ̀ pàdé ti àkọ́kọ́ lára ọkọ̀ kan náà. Bí gbogbo òpópó bá sì ti ní sikánà, níní in kò jẹ́ nǹkan kan mọ́. Kíka nọ́ńbà inú rẹ̀ ló kù. Bí ìyẹn náà bá di ti gbogbo ayé, kó kọ́ ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì ńlá, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n: iná inú bátìrì yẹn lè ju 200 fóòtì lọ, ó ń pani.

Nítorí náà, ọ̀gá, bí ọmọ iṣẹ́ rẹ bá tọrọ àyè láti lọ kọ́ iṣẹ́ réwáyà lọ́sàn-án Sátidé, má pè é ní aláìnísùúrù. Jẹ́ kó lọ. Bí o bá gbọ́n, ẹ jọ lọ.