Bíárìn Náà Gbọ́dọ̀ Ní Nọ́ńbà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká bá ara wa sọ nípa àwòrán àtòpọ̀ ẹ̀rọ, ìyẹn àwòrán tó ń fi gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ hàn níbi tí kálukú wọn jókòó sí. Lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, òrùka kéékèèké tí nọ́ńbà wà nínú wọn ni à ń pè ní bàlúùnù. Ìlà ìtọ́ka so òrùka kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀yà kan, nọ́ńbà inú rẹ̀ sì ń darí wa lọ sí àkójọ ohun èlò tó wà ní igun ìwé náà.

Àṣà tó wà láàárín wa ni pé a máa ń fún ẹ̀yà tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ní bàlúùnù, a ó sì gbójú fo ohun tí a rà lọ́jà. Fírẹ́ẹ̀mù ní nọ́ńbà, họ́pà ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n bíárìn, bẹ́líìtì àti bóòtù ò ní. Èrò tiwa ni pé ibi tí àwòrán náà ti wúlò jù lọ gan-an ni à ń fò dá.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, ká sì gbà pé Ìgbárùkù, ní ilẹ̀ Ọ̀kun, ni wọ́n gbé e lọ. Bí wọ́n bá ti hú ẹ̀gẹ́ kúrò nílẹ̀, kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Nítorí náà, bí bíárìn bá fọ́ lọ́jọ́ tí àwọn ìyá ti kó ẹ̀gẹ́ jọ, wọn ò ráyè dúró de ẹni tó ya ẹ̀rọ náà. Ẹnìkan ní láti gun ọ̀kadà lọ sí Kábà tàbí kó wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Tó bá jẹ́ pé "bíárìn, méjì" nìkan ló wà nínú ìwé, kí ni ẹni náà fẹ́ sọ fún ẹni tó ń tajà? UCP205 àti UCP206 jọra lójú, ṣùgbọ́n ihò ti àkọ́kọ́ jẹ́ mílímítà 25, ti èkejì jẹ́ 30. Ẹni tó bá ra UCP206 fún ṣáfítì mílímítà 25 ti fi owó ọkọ̀ ṣòfò, ẹ̀gẹ́ sì ń bàjẹ́ nílé.

Bó ṣe yẹ kí àkójọ ẹ̀rọ náà rí nìyí, láìka ẹ́ńjìnnì àti ìdè rẹ̀ mọ́ ọn:

1. Fírẹ́ẹ̀mù, irin onígun tí a jó pọ̀: 1
2. Ṣáfítì, mílímítà 25: 1
3. Dírọ́ọ̀mù: 1
4. Páànù onípele ihò tó bo dírọ́ọ̀mù: 1
5. Bíárìn UCP205: 2
6. Bóòtù M10 × 40: 4
7. Wáṣà M10: 4
8. Nọ́ọ̀tù M10: 4
9. Púlì ẹ̀gbẹ́ ṣáfítì: 1
10. Bẹ́líìtì B 60: 1
11. Họ́pà: 1

Ẹ kíyè sí i pé bíárìn jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Irú ẹ̀yà ni nọ́ńbà ń dúró fún, iye rẹ̀ ni a ń kọ sínú àkójọ. Ká ní bóòtù méjì nínú mẹ́rin yẹn gùn ju ìyókù lọ, ìlà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn ì bá ní.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí fírẹ́ẹ̀mù fi jẹ́ ẹyọ kan nígbà tí a fi ọ̀pọ̀ irin jó o, tí dírọ́ọ̀mù àti páànù rẹ̀ sì yà sọ́tọ̀. Ìlànà tí a fara mọ́ ni pé ohun tí ènìyàn lè tú kó sì pààrọ̀ ló yẹ kó ní bàlúùnù tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa tú fírẹ́ẹ̀mù tí a ti jó. Ẹ ya gígùn àwọn irin rẹ̀ sórí ìwé tirẹ̀. Páànù ní tirẹ̀ máa ń kú lẹ́nu. Bí ihò rẹ̀ bá ti dán, ẹ̀gẹ́ á máa jáde ní wóróworo, páànù yẹn nìkan la ó sì pààrọ̀.

Bẹ́líìtì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lẹ́tà B ń sọ ìbú: ẹ̀yìn bẹ́líìtì B fẹ̀ tó mílímítà 17, ti A jẹ́ 13. Nọ́ńbà 60 ń sọ gígùn inú rẹ̀ ní ínǹṣì. Bí wọ́n bá fi A sí púlì tí a gé fún B, yóò rì sí ìsàlẹ̀ ihò púlì, kò ní fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, yóò sì máa yọ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, dírọ́ọ̀mù ò sì ní yí dáadáa.

A mọ àtakò tí àwọn kan máa ń ṣe: bí gbogbo bóòtù bá ní bàlúùnù, ìwé á kún, kò ní ṣeé kà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà àgbáyé ISO 6433 ti fún wa lọ́nà àbáyọ. Bóòtù, wáṣà àti nọ́ọ̀tù tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lè pín ìlà ìtọ́ka kan, kí bàlúùnù 6, 7 àti 8 tò léra wọn. Ibì kan ṣoṣo la ó tọ́ka sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iye inú àkójọ á sọ ìyókù. Ẹ to àwọn bàlúùnù sí ìlà tó tọ́ lẹ́yìn òde àwòrán, ẹ má sì jẹ́ kí ìlà ìtọ́ka gba orí ara wọn kọjá. Ìlà tó bá parí sínú ẹ̀yà a máa ní àmì tóótó. Èyí tó bá parí sí etí rẹ̀ a máa ní ọfà.

Ẹ̀yin tó ń lo SolidWorks, ibi tí nọ́ńbà ti sábà máa ń dàrú ni irú àkójọ tí ẹ yàn. `Parts only` á tú fírẹ́ẹ̀mù sí irin kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá tò ó bí àtòpọ̀ kékeré. `Top-level only` á kó o sí ìlà kan, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fi bíárìn àti dírọ́ọ̀mù sínú àtòpọ̀ kékeré kan náà, á fi wọ́n pamọ́ sínú ìlà kan bákan náà. Ẹ yan èyí tó bá ìlànà òkè yẹn mu kí ẹ tó fi bàlúùnù sí i. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà sínú bàlúùnù; bí àkójọ bá yí padà, nọ́ńbà tí a fi ọwọ́ tẹ̀ kò ní bá a yí.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kíní, láti inú àkójọ lọ sórí àwòrán: ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní bàlúùnù kan ó kéré tán. Ẹ̀kejì, láti orí àwòrán padà: bíárìn méjì, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bóòtù méjì, ó di mẹ́rin. Bí ìwé bá sọ mẹ́ta, ẹnìkan ti ṣi kà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán, ẹ fi àkójọ nìkan han ọ̀rẹ́ yín tí kò sí nínú iṣẹ́ náà, kó sọ ohun tó máa béèrè lọ́jà fún ìlà 5 àti ìlà 10. Tó bá ní láti padà wá bi yín, iṣẹ́ ò tíì parí, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n máa rí bi ní Ìgbárùkù.