Ẹ Má Sanwó "Púlọ́ọ̀tì" Kan: Ẹ Ta Okùn Bàtà Sí I Ná

Ẹ bi ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní Ìdí-Àbà, ní Ọ̀bàńtokò tàbí lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá pé báwo ni ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó. Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Púlọ́ọ̀tì kan ni." Púlọ́ọ̀tì wo? Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120, ó sì lè jẹ́ 50 lọ́nà 100. Ti àkọ́kọ́ fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin (m²) 669, ti èkejì ò ju 465 lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyẹn ṣì ṣe é béèrè, ẹni tó bá lójú á béèrè. Ohun tó ń ká mi lára jù ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ náà ò bá gún régé. Ìlú àpáta ni Abẹ́òkúta. Títì ń yí òkè ká, omi ń gba àárín ilé kọjá, ààlà sì ń tẹ̀lé wọn. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ níbí ló ní igun mẹ́rin, ṣùgbọ́n igun náà ò dọ́gba bíi ti páálí. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Wọ́n á ta tépù sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n á ro iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á pín in sí méjì. Wọ́n á ro ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì, wọ́n á pín ìyẹn náà sí méjì. Wọ́n á wá sọ èsì méjèèjì di púpọ̀. Ó parí.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun o. Lára ògiri tẹ́ńpìlì Hórùsì ní Ẹdifú, ní ilẹ̀ Íjíbítì, wọ́n kọ ìwọ̀n àwọn oko tẹ́ńpìlì síbẹ̀ ní ohun tó lé ní 2000 ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà yìí gan-an ni wọ́n sì fi ṣírò wọn. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan tí olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gún régé, èsì rẹ̀ tọ̀nà. Bí wọn ò bá gún régé, èsì rẹ̀ máa ń ju ilẹ̀ lọ, nígbà gbogbo. Kò sí ilẹ̀ onígun mẹ́rin kan láyé yìí tí ó máa fún ní iye tó kéré sí òtítọ́. Ẹ rò ó wò: àṣìṣe tí kì í ṣẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ olùrà láéláé, tí ó jẹ́ pé ẹni tó ń tà ló máa ń gbè. Ẹni tó ń tà lè má mọ̀ rárá, owó olùrà ló sì ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Èmi ni mo ṣẹ̀dá ilẹ̀ yìí, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà rẹ̀ jọ ti Abẹ́òkúta. Nínú ìwé sọ́fè, àwọn awọnlẹ̀ máa ń fún igun ilẹ̀ ní nọ́ńbà méjì tí wọ́n ń pè ní kóódínéètì. E ń sọ bí igun náà ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tó, N ń sọ bó ṣe lọ sí àríwá tó, mítà sì ni méjèèjì. Igun mẹ́rin ilẹ̀ tiwa nìyí:

```
      E        N
A   538600   790400
B   538618   790404
C   538632   790436
D   538612   790434
```

Bí ẹ bá ta tépù sí i, AB jẹ́ mítà 18.44, BC 34.93, CD 20.10, DA 36.06. Ìdajì àpapọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́ 19.27, ti ọ̀tún àti òsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 35.5. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 684 m². Ẹni tó ń tà á á rẹ́rìn-ín pé, "Ó tiẹ̀ ju púlọ́ọ̀tì kan lọ, ẹ jàre, mo fi èyí tó kù ta yín lọ́rẹ." Abí kí lẹ tún fẹ́ sọ?

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká ta okùn bàtà. Àkọ́kọ́, ẹ dín nọ́ńbà kù. Ẹ yọ 538600 kúrò nínú gbogbo E, ẹ yọ 790400 kúrò nínú gbogbo N. Ṣe la kàn gbé ilẹ̀ náà síbòmíràn lórí ìwé, fífẹ̀ rẹ̀ ò yí padà. Ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé bí ẹ bá sọ nọ́ńbà ńláńlá wọ̀nyẹn di púpọ̀, èsì kan máa ní díjíìtì 12. Kakulétọ̀ kékeré á gé èyí tó wà lẹ́yìn dànù, ibẹ̀ gan-an sì ni fífẹ̀ ilẹ̀ yín wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ to àwọn igun náà bí ẹ ṣe máa rìn yí ààlà ká, kí ẹ sì tún igun àkọ́kọ́ kọ sí ìsàlẹ̀:

```
     E    N
A    0    0
B   18    4
C   32   36
D   12   34
A    0    0
```

Ní báyìí, láti ìlà kan sí ìkejì, ẹ mú E òkè lọ́nà N ìsàlẹ̀, kí ẹ yọ E ìsàlẹ̀ lọ́nà N òkè kúrò. Bí ẹ bá fa ìlà sáàárín àwọn nọ́ńbà tí ẹ ń sọ di púpọ̀, wọ́n á máa dábùú ara wọn bí okùn bàtà tí wọ́n ń fà kọjá nínú ihò. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

```
 0×4  − 18×0  =    0
18×36 − 32×4  =  520
32×34 − 12×36 =  656
12×0  −  0×34 =    0
àpapọ̀         = 1176
1176 ÷ 2      =  588
```

588 m² ni ilẹ̀ náà, kì í ṣe 684. Tépù ti fi 96 m² tí kò sí níbẹ̀ rárá kún un. Púlọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ní ó "jù" kò tiẹ̀ pé: ó fi 81 m² dín sí 669. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù 3 náírà ni wọ́n ń ta púlọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 60 lọ́nà 120 ládùúgbò yẹn, nǹkan bíi 360,000 náírà lẹ san fún afẹ́fẹ́.

Kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo 520 àti 656 dáadáa. Ìdajì 520 ni 260, òun ni fífẹ̀ onígun mẹ́ta ABC. Ìdajì 656 ni 328, òun ni ti ACD. Ṣe la kàn gé ilẹ̀ náà sí onígun mẹ́ta méjì láti igun A, a sì rò wọ́n pọ̀. Bí ilẹ̀ bá ní igun méje tàbí mọ́kànlá, bíi oko ìdílé tí wọ́n fi pèrègún pa ààlà rẹ̀, ìlà nìkan ló máa pọ̀ sí i, iṣẹ́ ò yí padà. Níbi tí ààlà bá ti wọnú, onígun mẹ́ta tó bọ́ síta máa jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, á sì yọ ara rẹ̀ kúrò fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni títò igun. Bí ẹ bá kọ A, C, B, D dípò A, B, C, D, èsì yín á di 22 m². Yàrá kan tóbi tó bẹ́ẹ̀! Ẹ máa ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé kẹ́ ẹ tó ṣírò. Bí ìlà ààlà bá gba orí ara wọn kọjá, ìtò yín ò dáa. Ṣùgbọ́n bí àpapọ̀ bá kàn jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ẹ má bẹ̀rù, ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ ọ̀tún lẹ gbà yíká dípò òsì. Ẹ ju àmì náà nù.

Níbo lẹ ti máa rí kóódínéètì? Nínú ìwé sọ́fè ni, kì í ṣe lórí fóònù. Fóònù máa ń fúnni ní digírì, digírì kan láti gúúsù sí àríwá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 111, nítorí náà èsì yín ò ní nítumọ̀. Kódà bí áàpù bá yí i sí mítà, fóònù lè fi mítà mélòó kan ṣìnà. Lórí ilẹ̀ tí iwájú rẹ̀ jẹ́ mítà 18, ìyẹn ti pọ̀ jù.

Ìwé sọ́fè mìíràn máa ń kọ kóódínéètì igun kan ṣoṣo, á wá kọ gígùn ìlà kọ̀ọ̀kan àti digírì tí ìlà náà fi yà kúrò ní àríwá. Ìyẹn náà tó. Ẹ fi wá igun tó tẹ̀ lé e:

```
E tuntun = E + gígùn × sin(digírì)
N tuntun = N + gígùn × cos(digírì)
```

Ìlà AB wa gùn ní 18.44, digírì rẹ̀ sì jẹ́ 77.47. Ẹ dán an wò, ẹ máa rí 18 àti 4. Bí ẹ bá rìn yíká báyìí, ìlà tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ dá yín padà sí A. Bó bá fi odindi mítà kan jìnnà sí A, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ṣi nọ́ńbà kan kà. Ẹ tún un wò. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi ẹni tó ya ìwé náà léèrè.

Òótọ́ ni pé okùn bàtà ò lè mọ̀ bóyá wọ́n rì òpó ààlà síbi tó yẹ, kò sì lè sọ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló máa sọ ti àkọ́kọ́, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀ àti sọ́fè ní Òkè-Mọsàn ló máa sọ ti èkejì. Mi ò ní kí ẹ fi ìṣírò rọ́pò wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi tépù àti "púlọ́ọ̀tì" rọ́pò kóódínéètì.

Bó bá jẹ́ tèmi, gbogbo rìsíìtì ilẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló máa ní kóódínéètì igun kọ̀ọ̀kan àti iye m² lórí, owó á sì jẹ́ iye kan fún m² kọ̀ọ̀kan. Títí dìgbà yẹn, ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé, ẹ ta okùn náà. Bí iye tí ẹ rí bá dín sí iye tí wọ́n pè, ẹ fi ìṣírò yín hàn án, kẹ́ ẹ sì ní kó yọ owó tó dín kúrò.