Omi ewé ìbẹ́pẹ kì í ṣe oògùn màléríà, ẹ má bínú

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Fídíò kan ń jà ràn-ìn láàrin àwa ọmọ Kábà báyìí. Wọ́n já ewé ìbẹ́pẹ tútù, wọ́n gún un, wọ́n fún omi rẹ̀ sínú ife, ọ̀gá náà gbé e mu, ó fajú ro, ó ní ẹni tó bá ń ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, owó ló ń fi ṣòfò. Nínú gúrúùpù Wasáàpù ẹbí wa nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti rí i. Èmi náà ń fi fídíò jẹun o, mo mọ ohun tá a máa ń ṣe kí fídíò lè rìn. Àmọ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa fi ara gbá a, mi ò gbà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ara rẹ̀ gbóná ní ọjọ́ Ajé kan. Ẹ̀gbọ́n mi fún un ní omi ewé náà, ṣíbí méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ara ọmọ tutù, ó ń sáré kiri àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí: "Ṣó o ti rí i? Ìwọ àti ìwé rẹ." Mo dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ara tún gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ń gbọ̀n, kò fẹnu kan oúnjẹ.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Kòkòrò màléríà máa ń wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, á máa bí sí i níbẹ̀ fún bíi wákàtí 48, lẹ́yìn náà á bẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà jáde láti wọ òmíràn. Ìgbà tí wọ́n bá ń bẹ́ yẹn gan-an ni ara ń gbóná. Láàrin ìgbà yẹn, ara lè tutù fúnra rẹ̀. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀ géérégé, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé: ká ní omi ṣúgà ni ẹ̀gbọ́n mi fún un, ó ṣeé ṣe kí ara náà tutù lọ́jọ́ kejì. Ewé kàn gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Àmọ́ bàbá mi mu ún, ó yá." Bẹ́ẹ̀ ni. Àgbàlagbà tí ẹ̀fọn Kábà ti ń jẹ láti kékeré, ara rẹ̀ ti kọ́ bó ṣe ń bá kòkòrò náà jà díẹ̀. Ara ọmọ ọdún mẹ́rin ò tíì kọ́ ọ. Yàtọ̀ síyẹn, ṣé bàbá yín tiẹ̀ ṣe tẹ́ẹ̀sì? Gbogbo ara gbígbóná kọ́ ni màléríà.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ "wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀" ti wá? Ìwádìí wà lóòótọ́. Lọ́dún 2013, àwọn dókítà ní Màlésíà tẹ àbájáde kan jáde: wọ́n fún àwọn aláìsàn ní omi 50 gíráàmù ewé ìbẹ́pẹ tútù lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn èròjà wẹ́wẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sì pọ̀ sí i lára wọn. Àmọ́ ibà dẹ́ńgì ló ń ṣe wọ́n! Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa dẹ́ńgì, kì í ṣe kòkòrò màléríà. Kò sẹ́ni tó wá kòkòrò màléríà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn kan ti dán ewé náà wò lára eku tó ní màléríà, ó sì dín kòkòrò náà kù díẹ̀. Eku ni o, dídín sì kọ́ ni pípa tán.

Ẹ má sọ pé mo kórìíra ewé. Ara ewé ni oògùn màléríà tá à ń lò báyìí ti jáde! Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà, ló rí i nínú ìwé àtijọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ń fi iná gbígbóná yọ omi ewé náà, iṣẹ́ rẹ̀ ò dúró sójú kan. Ìgbà tó lo ooru kékeré ló tó pa kòkòrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ojúlówó èròjà inú rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò lára èèyàn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Ta ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbẹ́pẹ? Ṣíbí méjì tẹ̀gbọ́n mi, mílígíráàmù mélòó ni?

Tẹ́ẹ̀sì ọmọ náà gbé màléríà jáde. Kìlógíráàmù 16 ni, nítorí náà wọ́n fún un ní atẹmẹ́tà pẹ̀lú lumẹfantirínì ti ọmọdé: hóró méjì lójú ẹsẹ̀, méjì lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́ fún ọjọ́ méjì sí i. Hóró 12 lápapọ̀. Wàrà tàbí àkàrà ni kó fi lò ó, torí ọ̀rá ló ń jẹ́ kí oògùn náà wọ ara dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ara ti balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tọ́jú ìyókù pa mọ́ fún ìgbà mìíràn. Mo pariwo! Kòkòrò tó ṣẹ́ kù máa ń padà wá.

Bí ọmọ bá ń gìrì, tó ń bì gbogbo ohun tó bá mu, tí kò jí dáadáa, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, ẹ má dúró ti hóró kankan. Abẹ́rẹ́ ló kàn, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ìwọ ọ̀gá onífídíò, mo mọ̀ pé o máa rí èyí. Kó aláìsàn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lábẹ́ maikirosíkópù, fún un ní omi rẹ níṣojú dókítà, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kẹta. Má lo tẹ́ẹ̀sì kékeré yẹn o, torí ó ṣì lè gbé màléríà jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Gbé méjèèjì síta, èmi fúnra mi á bá ọ pín in.