Àyẹ̀wò Ṣúgà Kò Gbọdọ̀ Di Ọ̀la

Orúkọ àrùn yìí fúnra rẹ̀ ti sọ ìtàn rẹ̀: àtọ̀gbẹ. Ẹni tó ní in ń tọ̀, ó sì ń gbẹ. Síbẹ̀, bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òùngbẹ kò sì fi í sílẹ̀, àlàyé mìíràn la máa ń wá: ooru ni, wàhálà iṣẹ́ ni, àwọn ayé ni.

Ẹ jẹ́ kí á fi awakọ̀ kan, ẹni ọdún 45, ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín oṣù kan, ó ń jí tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru. Ó ń jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n ṣòkòtò rẹ̀ ti ń já bọ́ nídìí. Ínsúlínì, èròjà tó ń mú kí ara rí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò, kò tó tàbí kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́. Ṣúgà wá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ń dà á sínú ìtọ̀, ó sì ń fa omi ara lọ. Ibẹ̀ ni òùngbẹ ti ń wá. Nígbà tí ara kò sì rí ṣúgà lò, ó ń jẹ ọ̀rá àti iṣan tirẹ̀. Bó bá ń fi málítì àti ẹlẹ́rìndòdò pa òùngbẹ náà, epo ló ń dà síná.

Ó dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní nítorí pé ó ti jẹun, kó padà wá ní òwúrọ̀ ọ̀la láìfi nǹkan kan ẹnu. Ọ̀la dé, ọkọ̀ ti gbéra. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Èyí gan-an ni mo lòdì sí. Ẹni tí àmì wọ̀nyí ti hàn lára rẹ̀ kò nílò láti gbààwẹ̀ kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kó fọ ọwọ́ rẹ̀ kó gbẹ, nítorí oje èso tó bá wà lára ìka lè ṣi ẹ̀rọ lọ́nà. Kí wọ́n gún ìka rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ 200 mg/dL, tàbí 11.1 mmol/L, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò yàrá lọ́jọ́ náà gan-an. Bí yàrá bá fìdí iye yẹn múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni, ìbáà jẹ́ pé ó ti jẹun. Bí iye náà kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ni àyẹ̀wò àìjẹun ọjọ́ kejì wúlò.

Kí ló dé tí a fi ń kánjú? Bí ínsúlínì bá tán pátápátá, ọ̀rá tí ara ń jó yóò sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan. Èébì, inú rírun, mímí kíákíá tó jinlẹ̀, àti oorun àìmọ́-ara ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, tàbí tí ẹ̀rọ kọ HI fún, ilé ìwòsàn ńlá ló yẹ kó wà ní wákàtí náà. Ìka gígún kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kò yẹ kí nọ́ọ̀sì kankan dá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ padà sílé láìṣe é.