70% Kì Í Ṣe Ìlérí

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi nínú Ẹgbẹ́ Èdè àti Àṣà Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lẹ́nu, mo sì fẹ́ kó jáde kí ìpàdé Ọjọ́ Àṣà tó wáyé. Ẹ ò ní gbàgbé pé lọ́dún tó kọjá, háúsì másítà ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ fún wa lórí fóònù rẹ̀, 70% ló wà níbẹ̀, la bá kó ìlù, aṣọ àti oúnjẹ kúrò ní pápá wọ gbọ̀ngàn ìjẹun. Òjò ò kán sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé irọ́ ni gbogbo àsọtẹ́lẹ̀, pé lọ́dún yìí pápá la máa lò, òjò ì báà ṣú. Èmi ò fara mọ́ ọn. Èrò tèmi ni pé àsọtẹ́lẹ̀ yẹn ò purọ́, ìpinnu tá a sì ṣe lọ́jọ́ náà tọ̀nà. Àwa la ò mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń wí.

Mo bi àwọn mẹ́fà ní dọ́mítírì wa pé kí ni 70% túmọ̀ sí. Ọ̀kan ní òjò máa gba ìdá méje nínú mẹ́wàá ìlú, ìyókù á gbẹ. Ẹnì kejì ní òjò á fi ìdá méje nínú mẹ́wàá ọjọ́ náà rọ̀. Ẹnì kẹta ní ńṣe ni òjò náà máa pọ̀, pé 20% ni wẹ́liwẹ̀li, 70% ni àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Àwọn mẹ́ta tó kù ní, "Ó ti dájú nìyẹn jàre." Kò sí èyí tó gbà á nínú gbogbo wọn. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní ọdún 2005, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Gerd Gigerenzer, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi àwọn èèyàn ní ìlú ńlá márùn-ún pé kí ni 30% òjò túmọ̀ sí. Ní Níú Yọ́ọ̀kì nìkan ni ọ̀pọ̀ ti mú ìdáhùn tó tọ́, bẹ́ẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1960 ni àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi irú nọ́ńbà báyìí sọ̀rọ̀ fáwọn ará ìlú. Ní àwọn ìlú Yúróòpù mẹ́rin yòókù, irú àṣìtúmọ̀ tí mo gbọ́ ní dọ́mítírì wa ló gbòde.

Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí. Bí a bá kó ọjọ́ mẹ́wàá jọ tí ojú sánmà wọn jọ tòní, òjò á kán ní méje nínú wọn, kò ní kán ní mẹ́ta. Ibi kan pàtó ni wọ́n ń sọ, bí àpẹẹrẹ pápá wa, kì í ṣe gbogbo ìlú lápapọ̀. Ìdí nìyẹn tí òjò fi lè rọ̀ lọ́jà tí eruku á ṣì máa sọ nílé ìwé wa. Àkókò kan pàtó náà ni wọ́n ń sọ, ó lè jẹ́ ọjọ́ kan gbáko, ó sì lè jẹ́ wákàtí kan. Ní ti bí òjò ṣe máa pọ̀ tó, nọ́ńbà yẹn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí omi tó kán bá ti tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà, wọ́n ti kà á sí òjò nìyẹn. Omi bẹ́ẹ̀ ò ju èyí tó máa tẹ eruku mọ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ wákàtí yìí ń da àwọn èèyàn láàmú. Ká ní fóònù kọ 40% sí aago méjì, 40% sí aago mẹ́ta, 40% sí aago mẹ́rin. Ẹni tó bá rò wọ́n pọ̀ á rí 120%, bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó ń jẹ́ 120% òjò láyé yìí. Bí wákàtí kọ̀ọ̀kan bá ń dá tirẹ̀ ṣe láìwo ojú èkejì, ìṣeéṣe pé gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gbẹ ni 0.6 × 0.6 × 0.6, tó jẹ́ nǹkan bí 22%. Ìyẹn ni pé ìṣeéṣe òjò láàárín wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tó 78%. Ṣùgbọ́n òjò aago méjì àti ti aago mẹ́ta sábà máa ń jẹ́ òjò kan náà. Nítorí náà, iye gan-an á wà láàárín 40% sí 78%.

Níbo ni wọ́n wá ti rí nọ́ńbà yìí? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwoṣẹ́. Ilé iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù, ECMWF, tó wà ní Rẹ́dìn-ìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ọ̀la lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó lè wọn ooru, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin gbogbo ayé láìṣàṣìṣe rárá, wọ́n á wá yí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìṣirò náà padà díẹ̀, kí wọ́n lè rí ibi tí àṣìṣe kékeré yẹn lè gbé wọn dé. Bí 36 nínú 51 bá fi òjò hàn lórí ìlú wa, nǹkan bí 70% nìyẹn. Bí 15 tó kù ò bá fi òjò hàn, ọjọ́ gbígbẹ náà ṣeé ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi àkọsílẹ̀ òjò àtẹ̀yìnwá tún nọ́ńbà náà ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Nítorí náà, ọjọ́ kan ṣoṣo ò lè sọ 70% di irọ́. Mú ọmọ ayò mẹ́wàá, fi ṣọ́ọ̀kì kun méje nínú wọn, kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, dijú, kí o sì fa ọ̀kan yọ. Bó o bá fa èyí tí kò ní ṣọ́ọ̀kì, ṣé ẹni tó sọ pé méje ló ní ṣọ́ọ̀kì purọ́ fún ọ ni? Ọjọ́ Àṣà tó kọjá, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn la fà.

Àmọ́ mi ò sọ pé ká máa gba alásọtẹ́lẹ̀ gbọ́ láìbéèrè. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ká ní a ní ìwé kan, tí a kọ àsọtẹ́lẹ̀ àárọ̀ kọ̀ọ̀kan sí i, tí a sì kọ bóyá òjò rọ̀ sí pápá tàbí kò rọ̀. Lópin sáà, ká ní a rí ogún ọjọ́ tó ní 70%. Bí òjò bá rọ̀ ní mẹ́rìnlá nínú wọn, alásọtẹ́lẹ̀ náà mọṣẹ́. Bó bá jẹ́ méjìlá tàbí mẹ́rìndínlógún, kò burú, nǹkan máa ń yẹ̀ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ márùn-ún péré, nígbà náà la lè bá a jà. Èyí tó máa ya àwọn kan lẹ́nu ni pé bí òjò bá rọ̀ ní gbogbo ogún ọjọ́ náà, àsọtẹ́lẹ̀ ò dára nìyẹn náà. Ó yẹ kó ti sọ nǹkan bíi 95%, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kó sọ ọ́.

Ó wá ku bí a ṣe ń fi ṣèpinnu. Ká ní gbígbé ayẹyẹ wọ gbọ̀ngàn á ná wa ní ₦10,000, fún epo jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó máa ru àga. Ká ní bí òjò bá ká wa mọ́ pápá, awọ gángan tó rin, aṣọ tá a háyà àti oúnjẹ tó bàjẹ́ á jẹ́ ₦50,000. Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ mẹ́wàá tó ní 70%. Bí a bá dúró sí pápá nínú gbogbo wọn, òjò á ká wa mọ́ lẹ́ẹ̀meje, ₦350,000 ti lọ. Bí a bá ń wọ gbọ̀ngàn lójoojúmọ́, ₦100,000 la máa ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni a máa ná an lásán. Èwo ló sàn? Bó bá jẹ́ 10% ni, òjò á ká wa mọ́ lẹ́ẹ̀kan, ₦50,000, pápá ló sàn nìyẹn. Ní 20% ni méjèèjì dọ́gba. Àwọn àgbà ní kí á má torí pé òjò ṣú kí á da omi àmù nù, òótọ́ sì ni, torí pé omi tá a dà nù ṣòroó rí. Owó gbọ̀ngàn kéré sí ohun tó lè bàjẹ́ ní pápá, ìdí nìyẹn tí ìpinnu ọdún tó kọjá fi tọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ sá bẹ́díṣíìtì ní Sátidé lè rí 40% kó sì tún sá a, torí kò sí nínú títún un ká. Ẹni tó bá ní yúnífọ́ọ̀mù kan ṣoṣo fún ọjọ́ Mọ́ńdè, kó má dán an wò.

Ibì kan wà tí mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ń ráhùn. Òjò tiwa le fún kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni òjò àrá tó ń ga sókè lọ́sàn-án láti ara ooru ilẹ̀, tàbí ìjì tó tò bí ọ̀wọ́, tó ń ti ìlà-oòrùn rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó lè pa àdúgbò kan kó fo èkejì. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ láti Jámánì tẹ ìwádìí jáde lórí àsọtẹ́lẹ̀ òjò ní apá àríwá ilẹ̀ olóoru Áfíríkà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìṣirò ọlọ́pọ̀ ìgbà wọ̀nyí, ó kéré tán nígbà yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kéèyàn kàn ka iye ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ lákòókò kan náà láwọn ọdún tó kọjá. 70% orí fóònù wa lè jẹ́ 55% lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ 80%. Láìsí àkọsílẹ̀, a ò lè mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ẹ bá tún ìṣirò yẹn ṣe, 55% ṣì ju 20% lọ, gbọ̀ngàn ló ṣì borí.

Ohun tí mo ń dábàá nìyí. Kí ẹgbẹ́ ra ìwé kan, kí ẹnì kan máa gba nọ́ńbà lọ́wọ́ háúsì másítà láràárọ̀, kí a gbé agolo mìlíìkì tó ṣófo sí àárín pápá, ká máa yẹ̀ ẹ́ wò kí prẹ́pù tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Àṣà náà sì kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí gbọ̀ngàn máa ná wa àti iye tí òjò lè bà jẹ́, kí ọjọ́ tó pé. Nígbà náà, a ò ní máa jà lórí bóyá òjò máa rọ̀. Iye tó bá jáde nínú ìṣirò la máa fi wé nọ́ńbà àárọ̀ ọjọ́ náà.