"Ara mi le" kì í ṣe èsì àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ ìlera wa tọ̀sẹ̀ yìí rèé. Bí ẹnì kan bá sùn tí kò jí, tàbí tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lójijì, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Ayé ló ṣe é, ara rẹ̀ le lánàá." Àwa ò gbà pé ẹ̀rí nìyẹn.

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú òpó kiri ara. Bí òpó bá ti le, ọkàn á máa fipá tì í. Ìfipátì yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sì í sábà dun èèyàn. Ó lè máa ba ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ jẹ́ fún ọdún púpọ̀ láìfọhùn. Ẹni tó ní òun á dúró dìgbà tí orí bá fọ́ òun kóun tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí.

Ní March 1944, wọ́n wọn ìfúnpá Fráńkílíìnì Rúsífẹ́lìtì, ààrẹ Amẹ́ríkà, ó jẹ́ 186 lórí 108. Dókítà mọ̀, àmọ́ kò sí oògùn gidi láyé ìgbà náà. Ní April 12, 1945, ẹ̀jẹ̀ ya sí i lọ́pọlọ, ó sì kú. Oògùn tí ààrẹ ò rí lò, ó wà nílé oògùn àdúgbò wa lónìí.

Ìwọ̀n náà ní ọ̀nà tirẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá aláṣọ kan sáré wọlé láti ọjà Atákúnmọ́sà, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rí 168 lórí 100. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kó lọ tọ̀, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn tì, kó gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀, kó gbé apá sórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú àyà, kó panu mọ́. Ọmọ Òṣómàáló tó lè lóṣòó de owó, ó yẹ kó lè jókòó de èyí! Wọ́n tún un wọ̀n, ó di 152 lórí 94. Kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá ṣì tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn yá: Wẹ́sílì n'Íléṣà, Asùbíàró l'Óṣogbo.

Bó bá jẹ́ 180 lórí 120, tí àyà ń dùn ún, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan ò lágbára, ẹ má dúró de ìpàdé àdúrà. Ẹ gbé e lọ ní wákàtí yẹn, àdúrà á máa lọ lójú ọ̀nà.

Ẹni tó ń lo oògùn, tí ìwọ̀n rẹ̀ wá di 128 lórí 80, kó má rò pé òun ti bọ́. Oògùn ló mú un wálẹ̀. Bó bá dá a dúró fúnra rẹ̀, á tún gòkè. Dókítà nìkan ló lè ní kó dín in kù. Ẹ̀rí ìwòsàn tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ́ lórí pẹpẹ wa, ẹ mú nọ́ńbà yín dání wá.